Káàdì Mi Sọnù Lọ́jọ́ Ẹtì: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Owó Tó Ṣì Wà Lójú Ọ̀nà

Aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni mo rí i pé káàdì ATM mi kò sí nínú àpamọ́wọ́ mi mọ́. Ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀, mo sì ti délé kí n tó mọ̀. Kì í ṣe káàdì yẹn gan-an ló kó mi láyà sókè. Owó mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tí ọ̀rọ̀ wọn kò tíì parí. Àkọ́kọ́ ni owó epo tí ẹ̀rọ POS yọ lọ́sàn-án, tí ẹ̀rọ náà sì ní òun kò rí owó gbà. Èkejì ni dọ́là 20 tí mo san ní Ọjọ́bọ̀ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan. Ẹ̀kẹta ni owó bàtà tí mo dá padà, tí ẹni tó tà á sọ pé orí káàdì yẹn náà lòun máa dá owó sí. Ẹ̀kẹrin ni ₦5,000 tí áàpù ìfowópamọ́ kan máa ń yọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Ohun tí mo rò ni pé bí mo bá ti káàdì pa, owó tó yẹ kó padà wá kò ní rí ibi wọlé mọ́. Èrò yìí ló jẹ́ kí n máa tú àpò, kí n máa tú abẹ́ ìjókòó ọkọ̀, fún wákàtí méjì gbáko. Èrò náà kò tọ̀nà rárá. Bí ẹ bá máa rántí ohun kan ṣoṣo nínú ohun tí mo kọ síbí, ẹ rántí pé káàdì kọ́ ni owó wà nínú rẹ̀. Inú àkáǹtì lowó wà. Káàdì dà bí kọ́kọ́rọ́ kan lára kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn àkáǹtì náà. Bí ẹ bá ba kọ́kọ́rọ́ jẹ́, kò sẹ́ni tó máa fi í ṣílẹ̀kùn mọ́, ṣùgbọ́n ilé ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ń kó ẹrù yín bọ̀ ṣì mọ ilé yín.

Àṣìṣe kejì ni pé mo gbẹ́kẹ̀ lé PIN. Mo ní ẹni tó bá rí i he kò mọ PIN mi, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹ wo ojú káàdì yín. Bí ẹ bá rí ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ kọrọdọ tẹ̀lé ara wọn, irú èyí tí à ń fi kan ẹ̀rọ láìfi í sínú rẹ̀ nìyẹn. Ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde lórí rẹ̀ ní 2023 gba èèyàn láyè láti ná tó ₦15,000 lẹ́ẹ̀kan, àti ₦50,000 lápapọ̀ lọ́jọ́ kan, láìtẹ PIN. Yàtọ̀ sí èyí, nọ́ńbà tó wà lójú káàdì, oṣù àti ọdún tí yóò parí, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti tó láti rajà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà òkèèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tibí sábà máa ń béèrè OTP. Ọ̀pọ̀ tòkèèrè kì í béèrè. Nítorí náà, wákàtí méjì tí mo fi ń wá káàdì, wákàtí méjì ni mo fi ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tí n kò mọ̀.

Nínú áàpù ọ̀pọ̀ báǹkì, ẹ máa rí ohun méjì tó jọra lábẹ́ ojú ìwé káàdì. Ọ̀kan lè ń jẹ́ "Freeze card", èkejì "Block card" tàbí "Hotlist card". Orúkọ wọn lè yàtọ̀ díẹ̀ láti báǹkì kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ń dá káàdì dúró fún ìgbà díẹ̀, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín tú u sílẹ̀ bí ẹ bá rí káàdì náà lábẹ́ ìrọ̀rí. Èkejì ń pa káàdì náà pátápátá. Kò sí bí ẹ ṣe lè bẹ̀ wọ́n tó tí wọ́n á fi jí i dìde, nọ́ńbà mìíràn ni káàdì tuntun máa ní. Ohun tó yẹ kí n ṣe ní aago méje ni kí n tẹ àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkọ̀. Kò náni ní kọ́bọ̀, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Bí mo bá wá a títí tí n kò rí i, ìgbà náà ni kí n tẹ èkejì.

Aago mẹ́sàn-án ni mo tó tẹ "Freeze card", mo sì fẹ́ẹ̀ sùn lé e. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka káàdì rí ló pè mí lórí fóònù pé, "Àbúrò, èyí tó o ṣe yẹn, o kàn ti ilẹ̀kùn ni, o ò tíì tì í ní kọ́kọ́rọ́. Báǹkì ò tíì mọ̀ pé káàdì rẹ sọnù. Pè wọ́n nísinsìnyí, má jẹ́ kó di àárọ̀." Òótọ́ ló sọ. Ìlànà Báǹkì Àpapọ̀ ni pé gbogbo báǹkì tó ń fúnni ní káàdì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí èèyàn lè gbà jábọ̀ pé káàdì sọnù, lọ́sàn-án àti lóru. Àkókò tí ẹ bá jábọ̀ ló sì máa ṣe pàtàkì bí wàhálà bá dé lẹ́yìn náà, torí òun ni wọ́n máa fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó sọ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ sọ.

Nígbà tí mo pè, wọ́n béèrè orúkọ mi, nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́ ìbí, àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì. Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ni n kò mọ̀ lórí. Èèyàn lè ní ju káàdì kan lọ lórí àkáǹtì kan náà, wọn kò sì fẹ́ pa èyí tí kò sọnù. Rìsíìtì POS ló gbà mí. Ọ̀pọ̀ rìsíìtì POS máa ń tẹ nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ àti mẹ́rin ìgbẹ̀yìn, wọ́n á sì fi ìràwọ̀ bo àárín. Bí ẹ bá ní rìsíìtì kan ṣoṣo nílé, nọ́ńbà náà ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó dá mi lóhùn kò béèrè PIN, kò béèrè OTP, kò sì béèrè nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè wọn láti fi ti káàdì pa. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan pè mí láti nọ́ńbà fóònù lásán, ó ní báǹkì lòun ti ń pè nítorí káàdì mi tó sọnù, pé kí n ka OTP tó máa wọlé fún òun kí òun lè parí iṣẹ́ náà. N kò mọ bó ṣe gbọ́. Mo gé ìpè náà.

Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Mo gba tèmi, 9:40 alẹ́ ni mo kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tún béèrè bóyá "lost" tàbí "stolen" ni wọ́n fi sí i. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú káàdì náà, nọ́ńbà ìdáhùn 41 ló ń jáde fún káàdì tó sọnù, 43 sì ni fún èyí tí wọ́n jí. Ẹ̀rọ ATM tó bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì lè gbé káàdì náà mì. Nítorí náà, bí ẹ bá padà rí káàdì tí ẹ ti jábọ̀, ẹ má gbé e lọ dán wò ní ATM.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwọn owó mẹ́rin yẹn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí mo ṣìṣe sí jù, ìyẹn dọ́là 20.

Bí a bá fi káàdì sanwó fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè, ìgbésẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ ju ọ̀kan lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, olùtajà á béèrè lọ́wọ́ báǹkì pé ṣé owó wà, ṣé káàdì dára. Báǹkì á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì de iye owó náà mọ́lẹ̀ nínú àkáǹtì. Owó kò tíì kúrò, ẹ kò kàn ní lè ná an mọ́ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, méjì, nígbà míràn márùn-ún, olùtajà á wá fi ìwé owó rẹ̀ ránṣẹ́, ìgbà náà ni báǹkì á tó san án ní tòótọ́. Bí báǹkì yín bá ń fi "Available Balance" àti "Ledger Balance" hàn, ẹ máa rí i kedere. Owó tí wọ́n dè ti kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ó ṣì wà nínú èkejì.

Títi káàdì pa ń dí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan. Kò sẹ́ni tó máa rí àṣẹ tuntun gbà lórí káàdì yẹn mọ́. Àmọ́ àṣẹ tí báǹkì ti fúnni kí ẹ tó pè kò yí padà, torí báǹkì ti ṣèlérí fún olùtajà. Èyí ni n kò mọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n de ₦31,200. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí káàdì ti kú, àlẹ́ẹ̀tì wọlé pé wọ́n yọ ₦31,460 lórí káàdì náà gan-an. Àyà mi já. Iye náà kò bá ti Ọjọ́bọ̀ mu, ọjọ́ kò sì bá a mu, mo wá gbà pé olè ló wà lẹ́nu iṣẹ́, àti pé irọ́ ni báǹkì pa fún mi pé wọ́n ti tì í. Mo pè wọ́n pẹ̀lú ìbínú, mo ní n kò mọ nǹkan kan nípa owó yẹn, wọ́n sì bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó tí wọ́n jí.

Owó tèmi náà ni. Ìyàtọ̀ ₦260 yẹn wá látinú iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè àṣẹ àti iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n san án. Ẹjọ́ tí mo fi sùn sì ti dé ọ̀dọ̀ olùtajà, wọ́n ti dá iṣẹ́ tí mo sanwó fún dúró. Ó gbà mí ní ọjọ́ mélòó kan kí n tó fa ẹjọ́ náà padà, kí n sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí i fún mi. Kí ẹ tó sọ pé owó kan kì í ṣe tiyín lẹ́yìn tí ẹ ti ti káàdì pa, ẹ wo orúkọ olùtajà àti ọjọ́ tí ìnáwó náà ṣẹlẹ̀ gan-an, kì í ṣe ọjọ́ tí àlẹ́ẹ̀tì wọlé nìkan. Lórí ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àkáǹtì, méjèèjì ló máa ń wà níbẹ̀, "Trans. Date" àti "Value Date" tàbí orúkọ tó jọ ọ́. Bí ọjọ́ ìnáwó bá ṣáájú aago tí ẹ jábọ̀, tí orúkọ olùtajà sì jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kì í ṣe olè. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn aago yẹn ni wọ́n béèrè àṣẹ, ẹ má ṣe dákẹ́. Ìgbà náà ni nọ́ńbà ẹjọ́ yín máa sọ̀rọ̀ fún yín.

Bí olùtajà kò bá fi ìwé owó ránṣẹ́ rárá, báǹkì á tú owó tó dè sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan, ti òtẹ́ẹ̀lì àti ti ọkọ̀ tí a háyà lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì tó ti kú kò mú un yá, kò sì fà á sẹ́yìn.

Owó epo ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìnáwó POS nílẹ̀ wa: bí báǹkì bá ti gbà, owó ti kúrò nìyẹn. Ní ilé epo lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, ẹ̀rọ náà ń yí, ń yí, ó wá tẹ "DECLINED" pẹ̀lú nọ́ńbà ìdáhùn 91, tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kò rí báǹkì mi bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n báǹkì ti yọ ₦18,400, ìdáhùn ló sọnù sójú ọ̀nà. Mo fi owó ọwọ́ san án, mo gba rìsíìtì "DECLINED" náà. Inú mi dùn títí dòní pé n kò jù ú nù.

Irú owó báyìí kò nílò káàdì tó ń ṣiṣẹ́ kó tó padà. Inú àkáǹtì ni wọ́n máa dá a sí. Látọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé ẹjọ́ owó POS àti ti íńtánẹ́ẹ̀tì tó kùnà kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Ti ATM báǹkì ẹni gan-an, lójú ẹsẹ̀ ni, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24. Bó bá jẹ́ ATM báǹkì mìíràn, wákàtí 48 ni. Ohun tó ń fa ìdádúró ni pé káàdì tó sọnù àti owó tó kùnà jẹ́ ẹjọ́ méjì, tí ẹ̀ka méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń bójú tó. Mo ti sọ méjèèjì nínú ìpè kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì rò pé ó ti parí. Lọ́jọ́ Ajé ni mo gbọ́ pé káàdì nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀. Mo tún ẹjọ́ owó epo fi sùn ní tirẹ̀, mo gba nọ́ńbà ẹjọ́ kejì, mo sì fún wọn ní RRN, ìyẹn nọ́ńbà tó ní díjíìtì 12 tó wà lórí rìsíìtì, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti iye owó. RRN yẹn ni wọ́n fi ń wá ìnáwó kan jáde láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọjọ́rú ni ₦18,400 wọlé.

Owó bàtà ló pẹ́ jù. Olùtajà náà sọ pé sórí káàdì tí mo fi rà á nìkan lòun lè dá ₦27,500 padà sí, mo sì sọ fún un pé káàdì náà ti kú. Ó ní kò burú, á dé. Ó dé lóòótọ́, torí báǹkì kì í pa nọ́ńbà káàdì àtijọ́ rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ó ṣì mọ àkáǹtì tí nọ́ńbà náà so mọ́. Ohun tó lè mú kó sọnù ni kí ẹ ti àkáǹtì náà pa, tàbí kí ẹ lọ báǹkì mìíràn kí owó tó dé. Ẹnì kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kúkú ti gbogbo àkáǹtì náà pa, kí n ṣí òmíràn. Ká ní mo gbọ́ tirẹ̀ ni, ₦27,500 yẹn ì bá bọ́ sínú ìwé owó tí báǹkì kò mọ ẹni tó ni ín, ǹ bá sì fẹ́sẹ̀ rìn kí n tó rí i gbà.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí owó tó ń padà bọ̀ kò dé, ẹ má kọ́kọ́ lọ bá báǹkì. Ẹ lọ bá olùtajà, kí ẹ gba nọ́ńbà tó fi dá owó náà padà. Bí káàdì Visa tàbí Mastercard bá ni, ARN ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà tó ní díjíìtì 23 ni. Ẹ gbé e lọ sí báǹkì, kí wọ́n fi wá a. Bí olùtajà bá sọ pé owó náà kùnà tó sì padà sọ́dọ̀ òun, ìgbà náà ni kí ẹ fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì kó fi ránṣẹ́ tààrà.

Ní ti ₦5,000 áàpù ìfowópamọ́, kò yọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, kò sì yọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Áàpù báyìí kì í tọ́jú nọ́ńbà káàdì fúnra rẹ̀. Àmì kan tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gba owó ṣe láti ara káàdì ló ń tọ́jú, bí káàdì bá sì kú, àmì náà kú. Ti ìfowópamọ́ kò pa mí lára. Ti ẹni tó yá owó lórí áàpù ni kí ẹ ṣọ́ra fún gidigidi, torí bí ọjọ́ sísan bá pé tí káàdì kò gbà, owó ìjìyà á bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí gbèsè, bí ẹ tilẹ̀ ní owó nínú àkáǹtì. Ẹ fi owó náà ránṣẹ́ fúnra yín kí ọjọ́ tó pé, ẹ má dúró de káàdì tuntun.

Ohun tí ẹ fi àṣẹ sí lórí àkáǹtì kì í ṣe ara ẹjọ́ yìí. Bí ẹ bá ti sọ fún báǹkì pé kó máa fi owó ilé-ìwé ọmọ ránṣẹ́ lóṣooṣù láti inú àkáǹtì, á máa lọ bẹ́ẹ̀, káàdì kò kàn án. Ẹ sì má fi títi káàdì pa ṣe ọ̀nà láti bọ́ lọ́wọ́ owó oṣooṣù tí ẹ kò fẹ́ san mọ́. Visa àti Mastercard ní ètò kan tí báǹkì tó bá wà nínú rẹ̀ fi ń fún àwọn olùtajà ní nọ́ńbà káàdì tuntun, kí owó oṣooṣù má baà já. Ó lè tẹ̀ lé yín dé orí káàdì tuntun láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ olùtajà ni kí ẹ ti fagi lé e.

Láàárín àkókò yìí, fífi owó ránṣẹ́ láti fóònù kò yí padà, oní-POS àdúgbò sì ń fún mi ní owó ọwọ́ bí mo bá ti fi owó ránṣẹ́ sí i. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní níbí, ó sì ṣe pàtàkì. Ẹ má pa áàpù báǹkì yín rẹ́, ẹ má gbé e lọ sórí fóònù tuntun, ẹ má sì gbàgbé PIN rẹ̀ nígbà tí ẹ kò ní káàdì lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ń béèrè nọ́ńbà káàdì tó ń ṣiṣẹ́ àti PIN rẹ̀ kó tó ṣí áàpù lórí fóònù mìíràn, tàbí kó tó yí PIN USSD padà. Ẹni tí kò ní káàdì á wá di ẹni tí ń tò ní kántà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo lọ sí ẹ̀ka báǹkì fún káàdì tuntun. Mo mú ìwé ìdánimọ̀ mi lọ, mo kún fọ́ọ̀mù, mo fọwọ́ sí i bí mo ṣe fọwọ́ sí ìwé nígbà tí mo ṣí àkáǹtì. Àwọn báǹkì kan gbà kí ẹ béèrè fún un nínú áàpù, àwọn mìíràn sì lè ní kí ẹ mú ìwé ọlọ́pàá wá bó bá jẹ́ pé wọ́n jà yín lólè. Nínú ìlànà owó iṣẹ́ tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2020, ₦1,000 ni fún fífi káàdì tuntun rọ́pò. Owó orí ọjà ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún wà lórí rẹ̀, ìyẹn ₦75, ó di ₦1,075. Inú àkáǹtì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, nítorí náà ẹ rí i pé nǹkan kù níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i kí wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ẹ béèrè, torí ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ rárá.

Obìnrin tó wà ní kántà bi mí bóyá mo fẹ́ Verve tí kò ní orúkọ lára, tí mo lè gbé lọ sílé lójú ẹsẹ̀, tàbí Mastercard tó ní orúkọ mi, tó máa gbà tó ọjọ́ iṣẹ́ méje. Mo ní Mastercard ni mo fẹ́, nítorí owó òkèèrè. Ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu nìyẹn. Àwa méjèèjì la gbàgbé pé mo lè gba méjèèjì. Ká ní mo gba Verve lọ́jọ́ yẹn, n kò ní máa tọ oní-POS lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ ni káàdì náà gbà kó tó dé. Kò sẹ́ni tó pè mí, èmi ni mo lọ béèrè.

Nígbà tí wọ́n bá gbé e fún yín, ẹ wo àpòòwé rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣí i. Ẹ wo orúkọ, ẹ wo oṣù àti ọdún tí yóò parí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn sí ibi tí kì í ṣe inú àpamọ́wọ́. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa rí PIN. Ní àwọn báǹkì kan, inú áàpù ni ẹ ti máa yan án, ní àwọn mìíràn lórí ẹ̀rọ kékeré ní kántà, àwọn mìíràn ṣì ń fi ìwé fúnni. PIN káàdì àtijọ́ kò bá káàdì tuntun ṣiṣẹ́, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ló kọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ bá ṣì í, ó lè tì mọ́ yín lọ́wọ́. ATM báǹkì yín gan-an ni kí ẹ ti kọ́kọ́ lò ó, kí ẹ fi í sínú ẹ̀rọ kí ẹ sì tẹ PIN. Ọ̀pọ̀ káàdì kì í gbà kí a fi kan ẹ̀rọ lásán àyàfi bí a bá ti ṣe báyìí lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti rí ẹni tó dá tirẹ̀ padà pé ó bàjẹ́ nítorí èyí.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo jókòó, mo ṣí àkọsílẹ̀ àkáǹtì oṣù mẹ́ta, mo sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó ti ń yọ owó lórí káàdì àtijọ́. Ibi márùn-ún ni mo rí, bẹ́ẹ̀ méjì péré ni mo rántí lórí. Mo fi káàdì tuntun sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan á yọ owó kékeré, bíi ₦50, láti mọ̀ bóyá káàdì náà dára, wọ́n á sì dá a padà. Mo yọ káàdì àtijọ́ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú, torí bí ẹ bá fi í sílẹ̀, àwọn áàpù kan á máa gbìyànjú òun ná, ìnáwó á sì máa kùnà.

Ọjọ́ kejì ni owó bàtà wọlé. Nínú àlẹ́ẹ̀tì náà, nọ́ńbà mẹ́rin káàdì àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ₦27,500 pé pérépéré, inú àkáǹtì mi ló sì balẹ̀ sí.